Wáífáì ní òun ti kóńnẹ́ẹ̀tì àmọ́ nǹkan kan ò ṣí: bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe lórí Wíńdóòsì

Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù yín lápá ọ̀tún, wáífáì wà níbẹ̀, ó kún dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ní "Connected", àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí búráúsà ó kàn ń yí ṣáá ni, nígbà tó bá yá á ní òun ò rí ibi tẹ́ ẹ ní kóun lọ. Ohun tí mo ń rí káàkiri Àkúrẹ́ níbí ni pé èèyàn á pa wáífáì á tún un tàn, á pa láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀, tí ò bá gbọ́ á gbé e lọ bá ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ẹni yẹn á sì ní ká fọ Wíńdóòsì ká gbé tuntun lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọmáǹdì kan tàbí méjì á parí ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún, torí oògùn inú ò kí í wo orí.

Wáífáì tó bá ti kóńnẹ́ẹ̀tì, láptọ́ọ̀pù àti ráútà ló ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò tíì kan íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí ojú ewé kan tó ṣí, láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ gba adírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà, ráútà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde síta, DNS sì gbọ́dọ̀ dáhùn. DNS yìí dà bí ibi tẹ́ ẹ máa ń kó nọ́ḿbà èèyàn sí nínú fóònù: Ìyá Ìbejì lẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ nọ́ḿbà ni fóònù fi ń pè é. Bó ṣe rí fún google.com náà nìyẹn, orúkọ lẹ tẹ̀, nọ́ḿbà ni kọ̀ǹpútà ń wá. Tí DNS ò bá dáhùn, gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì lè wà níbẹ̀ pé pérépéré kí ohunkóhun má ṣí.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù, ẹ mú fóònù, ẹ kóńnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí wáífáì yẹn gan-an, kẹ́ ẹ wá pa dátà fóònù náà. Pípa dátà yẹn ṣe pàtàkì, torí fóònù tó bá rí i pé wáífáì ò gbé nǹkan wá lè rọra bọ́ sórí dátà láìsọ fún yín, ẹ̀yin á wá máa rò pé wáífáì ló ń ṣiṣẹ́. Tí fóònù náà ò bá ṣí nǹkan kan, ẹjọ́ láptọ́ọ̀pù kọ́ nìyẹn, ó lè jẹ́ pé dátà ráútà ti tán, tàbí kó jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín ni ò dáa. Ẹ yọ ráútà lára iná, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un kì, kẹ́ ẹ sì yẹ dátà wò. Kò sí kọmáǹdì Wíńdóòsì tó lè bá yín ra dátà. Àmọ́ tí fóònù bá ṣí gbogbo nǹkan tí láptọ́ọ̀pù kọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ máa bọ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé dúdú

Ẹ tẹ Start, ẹ kọ `cmd`, tí "Command Prompt" bá jáde ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú "Run as administrator", ó máa bi yín bóyá kóun gbà á láyè, ẹ tẹ Yes. Ẹ wo òkè fèrèsé tó ṣí, ó gbọ́dọ̀ ní "Administrator" níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fo èyí, ẹ máa kọ kọmáǹdì tán ó máa ní "The requested operation requires elevation", ìyẹn ni pé ẹ ò tíì láṣẹ, ẹ tì í kẹ́ ẹ padà wá ṣí i bó ṣe yẹ.

Ẹ kọ èyí, kẹ́ ẹ sì tẹ Enter:

```
ipconfig /all
```

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló máa dà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ wá ibi tó kọ "Wireless LAN adapter Wi-Fi", ìlà mẹ́ta péré lẹ fẹ́ kà níbẹ̀: "IPv4 Address", "Default Gateway" àti "DNS Servers". Ẹ kọ wọ́n sínú bébà. Default Gateway yẹn ni ráútà yín, lórí ọ̀pọ̀ ráútà kékeré tá a ń lò ó máa ń jẹ́ 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, èyí tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ lò.

Ká wá bi láptọ́ọ̀pù ní ìbéèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi nọ́ḿbà ráútà tiyín rọ́pò 192.168.8.1 tó wà ní ìlà àkọ́kọ́:

```
ping 192.168.8.1
ping 8.8.8.8
ping google.com
```

Èyí àkọ́kọ́ ń béèrè bóyá láptọ́ọ̀pù dé ọ̀dọ̀ ráútà. Èkejì ń béèrè bóyá ó lè jáde síta, torí 8.8.8.8 jẹ́ kọ̀ǹpútà Google tó wà níta, nọ́ḿbà lásán la sì fi pè é, DNS ò dá sí i. Ẹ̀kẹta ló wá fi orúkọ pe nǹkan. Tó bá dáhùn ẹ máa rí "Reply from", tí ò bá dáhùn ẹ máa rí "Request timed out", tí orúkọ bá dà á láàmú á ní "could not find host". Ibi tó bá ti kọ́kọ́ kọ̀ ni àìsàn wà. Ohun kan ṣá, àwọn ráútà kan wà tí wọn ò kí í dáhùn píǹgì, nítorí náà tí ráútà bá dákẹ́ àmọ́ tí 8.8.8.8 dáhùn, ẹ má dààmú, ọ̀nà ṣí.

Tí nọ́ḿbà bá dáhùn tí orúkọ ò dáhùn

Ibí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n máa ń gbé wá, ibí náà sì ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ pé "mo ti ṣe flushdns, kò ṣiṣẹ́", torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí.

Wíńdóòsì kò kí í béèrè lọ́wọ́ DNS nígbà gbogbo, tó bá ti béèrè orúkọ kan lẹ́ẹ̀kan ó máa ń tọ́jú ìdáhùn pamọ́ sínú káàṣì kó má bàa máa dààmú. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ìdáhùn tó tọ́jú bá ti dojú rú, bí àpẹẹrẹ tí sáìtì kan bá kó lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tó ń béèrè tó wá tọ́jú "mi ò rí i" pamọ́, á máa fi irọ́ yẹn dá yín lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Kọmáǹdì tó ń da káàṣì yẹn nù rèé:

```
ipconfig /flushdns
```

Ó máa ní "Successfully flushed the DNS Resolver Cache". Kò pa fáìlì kankan rẹ́, kò gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, ẹ lè ṣe é nígbàkígbà. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ìdáhùn àtijọ́ nìkan ló dà nù. Tó bá jẹ́ pé ẹni tí láptọ́ọ̀pù ń lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ni ò sí nílé, ẹ lè fi flushdns ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ lo èyí:

```
nslookup google.com
nslookup google.com 1.1.1.1
```

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn nslookup ni pé kò wo káàṣì Wíńdóòsì rárá, tààrà ló ń lọ bá sẹ́fà DNS, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè orúkọ. Torí náà, tí nslookup bá mú nọ́ḿbà wá tí píǹgì sì ń sọ pé òun ò rí orúkọ yẹn, sẹ́fà ò ní ẹ̀bi, inú láptọ́ọ̀pù ni wàhálà wà, flushdns lẹ máa ṣe. Tí ìlà àkọ́kọ́ bá sọ "DNS request timed out" tí ìlà kejì, tó lọ béèrè lọ́wọ́ 1.1.1.1, sẹ́fà DNS ti Cloudflare tó wà níta, sì dáhùn, sẹ́fà tí láptọ́ọ̀pù yín ń lò ló ti kú tàbí tó jìnnà, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń fò, wọ́n á kàn to kọmáǹdì bíi mẹ́fà jọ wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àǹtí kan tó ní káàfẹ̀ nítòsí géètì FUTA. Àwọn ọmọ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ti tò síta, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó kù ń ṣiṣẹ́, láptọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ní tòkunbọ̀ ni ò ṣí nǹkan kan. Àǹtí ní, "Ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní kí n fọ Wíńdóòsì." Mo ní kí wọ́n dúró ná. Fóònù ń ṣiṣẹ́ lórí wáífáì yẹn. Píǹgì dé ọ̀dọ̀ ráútà, 8.8.8.8 dáhùn láìyẹ̀, google.com ní "could not find host". A ṣe flushdns, ó ní òun ti ṣe é, a tún píǹgì, ọ̀rọ̀ kan náà. A wá wo ìlà DNS Servers nínú ipconfig /all, ohun tó wà níbẹ̀ ni 10.0.0.53. Ráútà wọn sì jẹ́ 192.168.8.1! Nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti inú ilé, ọ́fíìsì tí láptọ́ọ̀pù yẹn ti wá ló kọ ọ́ sí i, DNS ọ́fíìsì yẹn ló ń wá látòní, Àkúrẹ́ níbí kò sì lè rí i láéláé. nslookup lásán ní "timed out", nslookup pẹ̀lú 1.1.1.1 dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àìsàn ti hàn.

Bá a ṣe yọ ọ́ rèé. Lórí Wíńdóòsì 11, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ "Hardware properties", ẹ wá "DNS server assignment", ẹ tẹ Edit, ẹ yí i láti Manual sí "Automatic (DHCP)", ẹ tẹ Save. Ráútà á máa fún un ní DNS fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé DNS tí ráútà fún yín gan-an ni ò dáa, ẹ fi í sí Manual, ẹ tan IPv4, kẹ́ ẹ kọ 1.1.1.1 sí ti àkọ́kọ́ àti 8.8.8.8 sí ti èkejì. Lẹ́yìn náà ni flushdns wá wúlò, torí ẹ fẹ́ kó gbàgbé gbogbo "mi ò rí i" tó ti kó jọ. Àǹtí ṣe é, google.com dáhùn, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Pọ́tà ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló tún kọ̀ láti ṣí nínú Chrome nígbà tí gbogbo nǹkan tó kù ń ṣí. Chrome náà ní káàṣì tiẹ̀ lọ́tọ̀, flushdns ò fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ tì í pátápátá kẹ́ ẹ tún un ṣí, tàbí kẹ́ ẹ kọ èyí síbi adírẹ́sì, kẹ́ ẹ tẹ "Clear host cache":

```
chrome://net-internals/#dns
```

Tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ráútà rárá

Ẹ padà wo IPv4 Address. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ráútà ò fún láptọ́ọ̀pù ní adírẹ́sì, Wíńdóòsì ló dá ọ̀kan ṣe fúnra ẹ̀, kò sì lè fi ìyẹn lọ síbì kankan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá mú iná tí wọ́n sì mú un padà dé, tí ráútà ṣì ń jí nígbà tí láptọ́ọ̀pù ti ń béèrè. Ẹ dá adírẹ́sì àtijọ́ padà, ẹ gba tuntun:

```
ipconfig /release
ipconfig /renew
```

Renew lè pẹ́ díẹ̀, ẹ má tì í. Tó bá mú 192.168 kan wá, ó ti bọ́. Tó bá ní òun ò lè kàn sí sẹ́fà DHCP, ìyẹn apá ráútà tó ń pín adírẹ́sì, ẹ rísítáàtì ráútà kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Winsock àti int ip: ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lò wọ́n

Àwọn kan á ní VPN tàbí áńtífáírọ́ọ̀sì tí wọ́n yọ kúrò, láti ìgbà yẹn ni wáífáì ti ń kóńnẹ́ẹ̀tì tí nǹkan ò ṣí. Àwọn ètò bẹ́ẹ̀ máa ń wọ àárín búráúsà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo ohun tó bá ń jáde á gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Tí wọ́n bá yọ wọ́n tí wọn ò yọ tán, Wíńdóòsì á ṣì máa fi nǹkan ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ò sí mọ́. Ibi tí wọ́n ń forúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sí ni Winsock, kọmáǹdì yìí ló ń dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí Wíńdóòsì ṣì jẹ́ tuntun:

```
netsh winsock reset
netsh int ip reset
```

Èkejì ń dá àwọn ètò TCP/IP padà. Ó lè sọ "Access is denied" lórí ìlà kan kó sì sọ "OK" lórí àwọn tó kù, tẹ́ ẹ bá ti ṣí fèrèsé náà bí administrator, ẹ máa bá tiyín lọ. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kọ adírẹ́sì IP sínú láptọ́ọ̀pù yín, bíi ti ọ́fíìsì tó ní pírńtà, ẹ kọ ọ́ sínú bébà kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí ó máa nù ún dànù.

Lẹ́yìn méjèèjì ẹ gbọ́dọ̀ rísítáàtì, kò sí nǹkan tó máa yí padà títí ẹ máa fi ṣe é. Restart ni mo wí o, kì í ṣe Shut down. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní "Fast Startup", tẹ́ ẹ bá pa á lásán ó máa ń tọ́jú apá kan nínú Wíńdóòsì pamọ́ kó lè tètè jí, ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú ẹ̀ á tún bá a jí. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tí gbogbo píǹgì bá dáhùn tí búráúsà nìkan kọ̀

Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Proxy. Proxy ni ẹni àárín tí búráúsà ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá. Tí "Use a proxy server" bá wà ní On tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó tàn án, ẹ pa á. Àwọn áàpù VPN ọ̀fẹ́ kan máa ń tàn án sílẹ̀ lọ, winsock reset ò sì kí í pa èyí. Ẹ tún wo aago àti déètì: láptọ́ọ̀pù tí bátìrì kékeré inú ẹ̀ ti kú máa ń padà sí ọdún àtijọ́, sáìtì tó ní https á kọ̀ yín, Chrome á ní "NET::ERR_CERT_DATE_INVALID". Tó bá sì jẹ́ wáífáì hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ lẹ wà lórí ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì wọlé níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ kọ neverssl.com síbi adírẹ́sì, ojú ewé yẹn á jáde fúnra ẹ̀.

Network reset ló kẹ́yìn

Tí gbogbo èyí bá kọ̀, bọ́tìnì kan ṣì kù. Lórí Wíńdóòsì 11: Settings, Network & internet, Advanced network settings, Network reset. Lórí Wíńdóòsì 10: Settings, Network & Internet, Status, ẹ sún wálẹ̀ ẹ máa rí Network reset. Ó máa yọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò, á tún wọn fi sí i, á sì rísítáàtì fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, torí náà ẹ sefù iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó tẹ "Reset now".

Ohun tó ń mú kí n fi í sẹ́yìn ni pé ó máa gbàgbé gbogbo wáífáì tí láptọ́ọ̀pù ti mọ̀, VPN yín náà sì lè nílò kẹ́ ẹ tún un fi sí i. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù wáífáì ilé, ẹ mú un jáde kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi orúkọ wáífáì tiyín sí ibi "OrukoWifi":

```
netsh wlan show profile name="OrukoWifi" key=clear
```

Ìlà "Key Content" ni pásíwọ́ọ̀dù wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti jí padà, ẹ kóńnẹ́ẹ̀tì, ẹ padà sí fèrèsé dúdú, kẹ́ ẹ tún bi í ní ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó ṣí búráúsà. Tí ráútà ò bá dáhùn síbẹ̀, tí láptọ́ọ̀pù ṣì ń mú 169.254 wá lórí wáífáì ilé àti lórí hotspot fóònù bákan náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kọmáǹdì. Ẹ tún diráfà káàdì wáífáì ẹ̀ fi sí i láti sáìtì ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, tí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ ra wáífáì kékeré tó ń wọ ojú USB, ẹ kì í bọ̀ ọ́. Tí ìyẹn bá ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, káàdì inú láptọ́ọ̀pù ló ti lọ, ẹ sì lè máa lo ti USB yẹn lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọ Wíńdóòsì yín.